Ọdún 6 ni mi ò ti bá ẹ̀gbọ́n yìí sọ̀rọ̀: báwo ni mo ṣe fẹ́ béèrè nípa iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn?

Ọmọ Ìṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ń tì mí lójú.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan wà tí a jọ ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò owó fún ọdún 3. Tábìlì wa kọjú síra. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ń kó àkọsílẹ̀ owó kúrò lórí ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ sórí tuntun, àwa méjèèjì la jọ sùn sí ọ́fíìsì fún òru mẹ́ta, títí iye apá méjèèjì fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà mo fi ibẹ̀ sílẹ̀, àwọn náà kúrò, a ò sì gbúròó ara wa mọ́. A ò jà o. A kàn dákẹ́ síra wa ni, ó sì di ọdún 6.

Ní ìjẹta mo rí i pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n wà báyìí ń wá ẹni tí yóò máa tọpa gbèsè tó wà lọ́rùn àwọn oníbàárà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti ọdún 4 gan-an nìyẹn. Ọjọ́ 12 ló kù kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé: ọdún 2 sẹ́yìn, ìyá wọn di olóògbé. Mo rí i lójú òpó wọn. Mo ní n ó pè, mo sún un di ọ̀la, mo tún sún un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, títí ojú fi wá ń tì mí láti pè. Ṣé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni n ó wá fi yọjú báyìí?

Mo ti kọ nǹkan kan sílẹ̀, mi ò tíì fi ránṣẹ́:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀gbọ́n mi àtàtà. Ṣé àlàáfíà ni? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ mà sọ mí nù o! Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gbọ́ nípa iṣẹ́ kankan níbikíbi, ẹ má gbàgbé mi. Síífíì mi nìyí."

Ẹ bá mi wò ó.

Àdìgún

Má fi í ránṣẹ́. Èmi wà lára àwọn tí wọ́n máa ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí, bíi méjì lóṣù. Jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ mi nígbà tí mo bá ṣí i.

Ìkíni yẹn dára, ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, n kò sì tíì mọ ẹni tó ń bi mí, torí nọ́ńbà rẹ ti lè yí padà láti ọdún 6. Lẹ́yìn náà o ní mo sọ ọ́ nù. Èmi kọ́! Àwa méjèèjì la dákẹ́. Àwàdà ni lójú rẹ, lójú mi ẹ̀sùn ni.

"Iṣẹ́ kankan níbikíbi" ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. O ti gbé ẹrù rẹ lé mi lórí. Èmi ni mo máa ronú ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe, èmi ni mo máa wá ibi tó bá a mu, èmi náà ni mo máa lọ bá wọn sọ ọ́. Mo máa dáhùn pé "kò sí wàhálà, bí mo bá gbọ́ nǹkan mo máa pè ọ́," ibẹ̀ ló sì máa parí sí. Kì í ṣe pé inú mi burú, n kò kàn rí ibi tí mo lè dì mú nínú ọ̀rọ̀ náà.

O mọ orúkọ ipò tí wọ́n ń wá ènìyàn sí. Kí ló dé tí o fi í pamọ́ fún un?

Kẹ́kẹ́ Ń Yí

Ẹ̀gbọ́n Àdìgún, ẹ ò mọ ara wa ni? Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ó kọ́kọ́ kí wọn, kí ó máa fèsì sí àwọn àwòrán tí wọ́n bá gbé sójú Wọ́sáàpù, kí ó bá wọn rẹ́rìn-ín bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí ara bá ti mọ́ra, ó lè wá mẹ́nu ba iṣẹ́.

Má sì bẹ̀rù pé ó ti pẹ́. Onímọ̀ àwùjọ kan, Mark Granovetter, ti ṣe ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1973. Ó bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀ sọ̀rọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bíi 17 péré ló ń rí ẹni náà déédéé. Bíi 56 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bíi 28 kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i rárá. Àwọn tí a kì í rí ló ń fúnni níṣẹ́!

Ìyá Ọ́fíìsì

Kẹ́kẹ́, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. Òótọ́ ni pé ẹni tó jìnnà sí wa máa ń gbọ́ ohun tí àwa àti ọ̀rẹ́ wa tímọ́tímọ́ ò lè gbọ́, torí ibòmíràn ni òun ń jókòó. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti rí iṣẹ́ nìkan ni ìwádìí yẹn bi. Kò ka iye àwọn tó kọ̀wé sí ẹni àtijọ́ tí wọn ò sì rí nǹkan kan gbà. Má fi ṣèlérí fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àkọ́kọ́, ọjọ́ 12 ló kù. Èkejì, ẹni tí kò kí ọ fún ọdún 6, tó wá ń yin gbogbo àwòrán rẹ lójijì, ṣé o kò ní fura? Nígbà tó bá sì wá béèrè, gbogbo ìkíni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn á di ìjẹ lẹ́nu ìwọ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ dára níbi tí ẹnìkejì ti mọ ohun tó wà nílẹ̀. Níbí, ẹ̀gbọ́n náà ò mọ nǹkan kan, ó máa kàn máa méfò ni.

Ọmọ Ìṣirò, mo pẹ́ ní ẹ̀ka tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo máa bi ọ́ ṣáájú ni èyí: ṣé o ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ipò náà lórí ìkànnì wọn?

Tèmi Tọ̀

Èmi ò ní bẹ ẹni tó gba ipò mọ́ mi lọ́wọ́ láé. Ẹni tí a jọ bẹ̀rẹ̀, tó wá di ọ̀gá, tí kò pè mí láti ọjọ́ yìí wá? Kí ó jókòó síbẹ̀. Bó ṣe ṣe sí èmi náà nìyẹn, n kò kọ̀wé sí i, mo sì rí iṣẹ́ lọ́nà mìíràn.

Ọmọ Ìṣirò

@Tèmi Tọ̀ Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi o. Ẹ ka ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

@Ìyá Ọ́fíìsì Yéè! Mo ti fi í sílẹ̀ ní alẹ́ àná, mà. Mo rò pé ẹni tó bá yá ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Ṣé mo ti ba nǹkan jẹ́ ni?

Ìyá Ọ́fíìsì

O ò bà á jẹ́, ṣùgbọ́n o ti mú un le díẹ̀. Jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá, ojú ìwé kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí òṣìṣẹ́ fi ń fa ẹni tó mọ̀ kalẹ̀. Orúkọ rẹ, íméèlì rẹ, síífíì rẹ àti nọ́ńbà ipò náà ló máa tẹ̀ síbẹ̀. Ètò náà máa ń kọ ẹni tó kọ́kọ́ mú orúkọ wọlé sílẹ̀. Tí ìwọ fúnra rẹ bá ti wọlé ṣáájú, ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ ni pé ìwọ lo mú ara rẹ wá. Níbòmíràn, tí ẹ̀gbọ́n náà bá wá gbìyànjú láti fà ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn náà, ètò náà á ní orúkọ yìí ti wà, á sì kọ̀ ọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tún máa ń fún òṣìṣẹ́ ní owó ìdúpẹ́ tí ẹni tó fà kalẹ̀ bá wọlé tó sì lo oṣù mélòó kan. Owó yẹn náà lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí o kọ́kọ́ bi í kí o tó tẹ bọ́tìnnì.

Báyìí tí o ti tẹ̀ ẹ́, má dán ọgbọ́n àrékérekè wò. Mo ti rí ẹni tó ṣí íméèlì tuntun kí ó lè wọlé lẹ́ẹ̀kejì lábẹ́ orúkọ ẹni tó fà á kalẹ̀. Nọ́ńbà fóònù kan náà ló wà nínú fáìlì méjèèjì, wọ́n sì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú wa. Ẹni tó fà á kalẹ̀ ni ojú tì jù. Sọ fún ẹ̀gbọ́n náà pé o ti forúkọ sílẹ̀ àti ọjọ́ tí o ṣe é. Ọ̀nà mìíràn ṣì wà: ó lè kọ ìlà méjì sí máníjà tó ni ipò náà pé kí wọ́n wo fáìlì rẹ. Nínú ìrírí tèmi, ìlà méjì yẹn tilẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ ju ojú ìwé kọ̀ǹpútà lọ, nítorí máníjà ló ń kà á, kì í ṣe ẹ̀ka wa.

Èyí ni bí èmi ìbá ṣe kọ ọ́:

"Ẹ̀gbọ́n, èmi tí tábìlì wa kọjú síra ní ẹ̀ka ìṣirò ni, tí a jọ fi òru mẹ́ta wá ìyàtọ̀ kan. Mo mọ̀ pé ó ti tó ọdún 6, ìdákẹ́jẹ́ náà sì wá láti ọ̀dọ̀ mi. Mo rí i pé ilé-iṣẹ́ yín ń wá ẹni tí yóò máa tọpa gbèsè àwọn oníbàárà. Mo forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì ní alẹ́ àná. Ìbéèrè kan ni mo ní: ṣé ẹ̀ka yín ni ipò náà wà, àbí lábẹ́ ẹlòmíràn? Bí kò bá rọrùn fún yín láti sọ, ó yé mi, kò burú rárá."

Wò ó pé kò sí síífíì nínú rẹ̀. Tí ó bá fẹ́ ẹ, ó máa béèrè. Ìbéèrè náà sì jẹ́ èyí tí ó lè fi ọ̀rọ̀ márùn-ún dáhùn nígbà tó ń gun àtẹ̀gùn. Tí o bá bi í pé "ṣé ẹ lè bá mi sọ̀rọ̀ síbẹ̀?", bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa fún ọ, ẹni tí kò sì fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ á kàn dákẹ́ ni.

Ohun tó kàn ni ọjọ́ tí o máa fi ránṣẹ́. Ọjọ́ kejì oṣù la wà lónìí. Ìwọ náà mọ ohun tí àwọn oníṣirò ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù.

Ọmọ Ìṣirò

Wọ́n ń parí ìṣirò owó oṣù tó kọjá kí wọ́n lè ti ìwé rẹ̀. Òótọ́ ni. Èmi gan-an kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Òru mẹ́ta yẹn, mà, ìwé ìsanwó kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀méjì ló fà á! Àwọn ni wọ́n rí i ní aago 4 ìdájí.

Ìyá Ọ́fíìsì

Fi í sínú rẹ̀! Ìwé ìsanwó tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì. Ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí ó máa bi ara rẹ̀ pé ta nìyí.

Alátakò

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ síífíì, ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu ba òkú tó wà nílẹ̀. Ìyá obìnrin yìí kú, ọmọ yìí rí i, kò kí i. Ẹ wá ní kí ó kọ̀wé nípa ìwé ìsanwó. Lójú tèmi, kí ó pè é lórí fóònù, kí ó kí i kú ará fẹ́ra kù, kí ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí pátápátá. Ipò mìíràn á ṣí. Ẹni tó bá kí ọ̀fọ̀ tán tó béèrè iṣẹ́, ọ̀fọ̀ ló fi ṣòwò.

Ìyá Ọ́fíìsì

Ọ̀rọ̀ rẹ wúwo, Alátakò, mo sì gbà pé mo sáré kọjá lórí rẹ̀. Ìkíni ọ̀fọ̀ ní láti dá dúró. Èmi máa ní kí ó kí i lónìí láìmẹ́nu ba iṣẹ́, kí ó wá kọ ti iṣẹ́ ránṣẹ́ ní ọjọ́ 7, nígbà tí ìwé oṣù bá ti tì.

Àdìgún

Mà, tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí èmi, inú mi kò ní dùn. Ní ọjọ́ 2 o sọkún pẹ̀lú mi, ní ọjọ́ 7 o dé pẹ̀lú ìbéèrè. Mo máa padà lọ ka ìkíni àkọ́kọ́, mo sì máa rò pé o ti mọ ohun tí o fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ bá Kẹ́kẹ́ wí lé lórí nìyẹn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kàn di ọjọ́ márùn-ún.

Ìyá Ọ́fíìsì

Ọ̀rọ̀ rẹ dá mi lẹ́bi. N kò ní èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn. Bóyá kí ó kí i, kí ó sì jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé nǹkan mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kẹ́kẹ́ Ń Yí

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn kẹ̀, tí ẹ ní kò dára 😂

Ọmọ Ìṣirò

(lẹ́yìn ọjọ́ 9)

Ẹ kú ìdúró o. Mo padà wá jábọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi ohùn ránṣẹ́, kò pé ìṣẹ́jú méjì. Mo dá orúkọ mi, mo ní mo gbọ́ nípa ìyá nígbà náà, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n pè, mi ò pè, ojú ló tì mí, mo sì ń bẹ̀bẹ̀. Mo kí wọn bó ti yẹ. Ní ìparí mo wá sọ pé: "Mi ò ní parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ bi yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí." Mo pa á.

Wọn ò dáhùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo ti ń sọ pé Alátakò ló jàre. Ní ọjọ́ 6 oṣù ni wọ́n fi ohùn padà ránṣẹ́: wọ́n ń ti ìwé oṣù lọ́wọ́ ni. Wọ́n dúpẹ́ nítorí ìyá, wọ́n ní èmi kọ́ nìkan ni kò pè, àwọn tí wọ́n fojú sí pé wọ́n máa pè gan-an ò pè. Wọ́n wá ní, "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wo? Sọ ọ́."

Mo fi ti Ìyá Ọ́fíìsì ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ìsanwó tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dáhùn. Wọ́n ní ipò yẹn wà ní ẹ̀ka wọn, ṣùgbọ́n ẹnìkan wà nínú ilé tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà fún oṣù 5 láìgba orúkọ ipò náà. Òfin ilé-iṣẹ́ ló ní kí wọ́n gbé e síta kí wọ́n tó lè fún un. Ká ní mi ò béèrè ni, ǹ bá ṣì máa wo íméèlì mi títí di òní.

Wọ́n ní òmíràn máa ṣí ní abẹ́ ẹ̀ka tó ń wo owó tó ń jáde, wọn ò tíì gbé e síta. Wọ́n ní kí n fi síífíì ránṣẹ́ sí àwọn, kí n má tẹ nǹkan kan lórí ìkànnì, kí n sì kọ ìlà mélòó kan nípa ohun tí a jọ ṣe, torí ojú ìwé yẹn máa ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ ènìyàn àti ohun tí wọ́n rí i tó ṣe.

Ìlà mẹ́ta ni mo kọ, ní ọjọ́ kan náà. Ọjọ́ 5 rèé, wọn ò tíì sọ nǹkan kan. Ṣé kí n bi wọ́n?

Àdìgún

Rárá. Ipò tí wọn kò tíì gbé síta ni. Kò sí ohun tí obìnrin náà lè sọ fún ọ báyìí.

Ìyá Ọ́fíìsì

Dúró títí yóò fi pé ọjọ́ 10 tí o ti fi í ránṣẹ́, kí o wá fi ìlà kan ránṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan péré. Má bi í pé "ibo la bá a dé." Sọ nǹkan tuntun tó wúlò fún un, bí àpẹẹrẹ iye ọjọ́ tí o gbọ́dọ̀ fún ibi iṣẹ́ rẹ kí o tó lè kúrò. Máníjà á bi í léèrè, ó sì dára kí ó ti ní i lọ́wọ́.

Ipò tí o forúkọ sí lórí ìkànnì ńkọ́? Ṣé o ti yọ ọ́?

Ọmọ Ìṣirò

Mi ò tíì yọ ọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ.

Ìyá Ọ́fíìsì

Bi ẹ̀gbọ́n rẹ. Ètò kan máa ń so orúkọ mọ́ ipò kan ṣoṣo, òmíràn máa ń so ó mọ́ gbogbo ilé-iṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. Tí tiwọn bá jẹ́ irú kejì, orúkọ rẹ á ṣì wà níbẹ̀ bí o tilẹ̀ yọ ọ́. Àwọn tó wà nínú ilé ló lè mọ̀.

Alátakò

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Ṣùgbọ́n o sọ òótọ́ fún un, n kò lè bá ọ wí nípa ìyẹn. Ìrántí ọdún kẹta ìyá rẹ̀ ńkọ́, o mọ ọjọ́ tó bọ́ sí?

Ọmọ Ìṣirò

Mo ti kọ ọ́ sínú fóònù mi.